Ta Ni "Ọmọ" Tí Wòlíì Hóséà Ń Sọ?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ní Ketu níbí, ọ̀pọ̀ ilé ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti jọ ń gbé. Ọmọ ilé-kéú mi kan wá bá mi pé aládùúgbò òun fi Mátíù 2:15 han òun, ó ní wòlíì kan ti sọ tẹ́lẹ̀ pé Ọlọ́run yóò pe Jésù jáde láti Íjíbítì. Ó ní, "Áfáà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Mo ní kí ó yá Bíbélì Yorùbá wá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884.

Mátíù sọ pé Hẹ́rọ́dù ń wá ọmọ náà láti pa, ni Jósẹ́fù bá gbé òun àti ìyá rẹ̀ sá lọ sí Íjíbítì lóru. Ó ní èyí mú ọ̀rọ̀ wòlíì ṣẹ, ṣùgbọ́n kò dárúkọ wòlíì náà. Hóséà 11:1 ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Hóséà wàásù fún ìjọba Ísírẹ́lì ti àríwá, ní ohun tí ó lé ní 700 ọdún ṣáájú ìbí Ànábì Ísà. Ìdajì àkọ́kọ́ ẹsẹ náà dárúkọ Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀: nígbà èwe rẹ̀ ni Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀, tí ó sì pè é kúrò ní Íjíbítì. Ìtàn ayé Ànábì Músà nìyẹn, ohun tí ó ti kọjá. Eksodu 4:22 náà pe Ísírẹ́lì ní àkọ́bí Ọlọ́run. Ẹsẹ 2 wá sọ pé àwọn tí a pè yìí kọ ẹ̀yìn, wọ́n ń rúbọ sí Báálì. Kò sí Kìrìsìtẹ́nì tí yóò gbà pé Jésù ni ẹsẹ 2 ń bá wí. Báwo ni ẹsẹ 1 yóò ṣe wá jẹ́ tirẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo. Mátíù kò yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ìtumọ̀ Gíríìkì àtijọ́ ní "àwọn ọmọ rẹ̀", ṣùgbọ́n òun tẹ̀ lé ti Hébérù tí ó ní ọmọ kan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ Kìrìsìtẹ́nì pàápàá mọ̀ pé Ísírẹ́lì ni Hóséà ń sọ. Wọ́n ní àfiwé ni Mátíù ń ṣe, pé Jésù tún ọ̀nà Ísírẹ́lì rìn: 40 ọdún ni Ísírẹ́lì lò ní aginjù, 40 ọjọ́ ni Jésù lò níbẹ̀ ní orí 4. Bí a bá pè é ní àfiwé, ó yé wa. Bí a bá pè é ní àsọtẹ́lẹ̀, orí 11 Hóséà kò gbà á.

Òfin kan náà ni a fi ń ka Kùránì. Ẹni tí ó bá dúró sórí aaya 4 nínú Súrátù Máúnù yóò rò pé ìbáwí wà fún gbogbo ẹni tí ń kírun. Aaya 5 ni ó sọ irú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.

Mo sọ fún ọmọ náà pé kí ó má lọ fi aládùúgbò rẹ̀ ṣẹ̀sín. Kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n ka ẹsẹ 1 àti ẹsẹ 2 pọ̀.