Ọ̀pọ̀ Orúkọ, Ẹnu-Ọ̀nà Kan: Bí Wikipídíà Ṣe Kọ́ Láti Máa Dá Olórúkọ Púpọ̀ Mọ̀

Nígbà tí Wikipídíà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2001, kò sí ẹni tí ó ń bi ẹnikẹ́ni léèrè pé ta ni í ṣe. Ìwé ìmọ̀ tí gbogbo ayé ń kọ pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ nǹkan sí i lè lo orúkọ tí ó bá wù ú, tàbí kí ó má tilẹ̀ lo orúkọ rárá. Ẹni tí ó bá lè mú orúkọ kan lè mú mẹ́wàá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí kò dun ẹnikẹ́ni, nítorí pé iṣẹ́ pọ̀, ọwọ́ tí yóò ṣe é kò sì tó.

Ohun tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ìṣòro ni pé ìjíròrò ni wọ́n fi ń parí aáwọ̀ níbẹ̀. Bí àríyànjiyàn bá dé lórí bóyá kí wọ́n pa ojú-ìwé kan rẹ́ tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀, ohùn àwọn tí ó bá dá sí i ni wọ́n ń gbọ́. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi rí i pé ẹnì kan ṣoṣo lè wá pẹ̀lú orúkọ mẹ́ta, kí ó fi èkínní dá àbá, kí ó fi èkejì gbè é lẹ́yìn, kí ó sì fi ẹ̀kẹta bú ẹni tí kò bá gbà. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wé ìbọ̀sẹ̀ tí ènìyàn ki ọwọ́ bọ̀, tí ó wá ń mú kí ó máa sọ̀rọ̀ bí ọmọlangidi. Yorùbá kò nílò ìbọ̀sẹ̀ láti mọ ohun tí wọ́n ń wí: ẹ̀kú lè yàtọ̀, kí ẹsẹ̀ tí ń jó lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Ní nǹkan bí ọdún 2005, Tim Starling, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún Wikipídíà, ṣe irinṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ ń jẹ́ CheckUser. Ohun méjì pàtàkì ni irinṣẹ́ yìí ń fi han ẹni tí a fún ní àṣẹ. Èkínní ni àdírẹ́sì nọ́ńbà tí akáúǹtì kan gbà wọlé, èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fún ẹ̀rọ kí èsì lè mọ ibi tí yóò padà sí. Èkejì ni ìlà ọ̀rọ̀ kan tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà fi ń kéde irú ètò tí ó ń lò. Bí akáúǹtì méjì bá gba àdírẹ́sì kan náà wọlé, tí ìkéde wọn sì dọ́gba, a lè fura pé ẹnì kan náà ni. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 90 péré ni CheckUser ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Irọ́ tí ó bá ti ṣáájú rẹ̀ lọ tayọ ìyẹn ti bọ́ lọ́wọ́ irinṣẹ́ náà.

Àwọn tí ó dá ètò yìí sílẹ̀ mọ̀ pé ohun àṣírí ni àdírẹ́sì ènìyàn, wọ́n sì fi okùn mú un. Gbogbo ìgbà tí aláṣẹ bá wo akáúǹtì kan ni àkọsílẹ̀ wà. Ìkànnì èdè kan kò gbọdọ̀ ní aláṣẹ ẹyọ kan ṣoṣo: ó kéré tán kí wọ́n jẹ́ méjì, kí èkínní lè máa ṣọ́ èkejì, tàbí kí ó má sí rárá. Kò tún tọ́ láti kàn máa wo ẹni tí ó bá wù wọ́n. Ìdí tí ó yè kooro ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ìdánwò ńlá dé ní ìparí ọdún 2006. Alámòójútó kan lórí Wikipídíà èdè Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ìbàjẹ́ púpọ̀ ń ti àdírẹ́sì 82.148.97.69 wá, ó sì dínà mọ́ ọn. Kò mọ̀ pé ẹnu-ọ̀nà orílẹ̀-èdè kan ni òun tì. Ní Kátà ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Kiutẹ́ẹ̀lì ni ó ń fún àwọn ará ìlú ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń kó gbogbo wọn gba inú àdírẹ́sì ẹyọ kan jáde. Olùkọ́, oníṣòwò, ọmọ iléèwé àti oníbàjẹ́, nọ́ńbà kan náà ni Wikipídíà rí fún gbogbo wọn. Wọ́n tètè tú ìdènà náà ká, ṣùgbọ́n ìròyìn ti gbé e kiri ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007 pé Wikipídíà ti lé odindi orílẹ̀-èdè kan jáde. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fi àléébù ọ̀nà yìí hàn kedere. Àdírẹ́sì kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Orúkọ ẹnu-ọ̀nà ni.

Ẹnikẹ́ni lè rò pé ti Kátà jẹ́ àrà ọ̀tọ̀ tí kò ní tún ṣẹlẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Irú àdírẹ́sì àtijọ́ yìí kò ju nǹkan bí bílíọ̀nù 4.3 lọ lágbàáyé, ìpín tí ó kẹ́yìn nínú àpò gbogbogbòò sì jáde ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 2011. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù tí ó ní oníbàárà púpọ̀ ju àdírẹ́sì lọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pọ̀ ènìyàn sábẹ́ àdírẹ́sì kan, bí àgbo-ilé tí ó ní ojúlé púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Àdírẹ́sì kan ní ihò ìgbàwọlé 65,536. Bí ilé-iṣẹ́ bá fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní 1,024, ènìyàn 64 ni yóò máa jẹ́ ẹnì kan lójú ìkànnì tí kò bá kọ nọ́ńbà ihò sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, níbi tí fóònù GSM ti dé ní 2001 tí ọ̀pọ̀ sì ti fi fóònù mọ íńtánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó rí kọ̀ǹpútà, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ṣe ń wọlé nìyẹn. Ó sì tún ní apá kejì: ẹni tí ó bá pa dátà rẹ̀ tí ó tún tàn án lè bá àdírẹ́sì mìíràn pàdé, tí ẹnì kan yóò fi dà bí mẹ́ta láàárín wákàtí kan.

Ìkéde fóònù náà ti di aláìlágbára ju ti àtijọ́ lọ. Ìlà tí fóònù Áńdíróìdì tí ó ń lo Chrome ń sọ ní ìparí ọdún 2023 rí báyìí:

```
Mozilla/5.0 (Linux; Android 10; K) AppleWebKit/537.36
(KHTML, like Gecko) Chrome/120.0.0.0 Mobile Safari/537.36
```

Láti ọdún 2023, nítorí ààbò àṣírí, irú fóònù tí ènìyàn ń lò kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Lẹ́tà `K` ni wọ́n fi sí àyè rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, `Android 10` náà kò sì yí padà, ìbáà jẹ́ fóònù tí ó dé lánàá. Ìkànnì ní láti béèrè ju èyí lọ kí ó tó rí ìyàtọ̀.

Kí wá ni ó ń jẹ́ kí wọ́n mú ẹlẹ́tàn gidi? Ìwà ni. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 2015, Wikipídíà èdè Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òun ti ti akáúǹtì 381 pa lẹ́ẹ̀kan, ó sì pa ojú-ìwé 210 rẹ́. Orangemoody ni wọ́n pe ọ̀ràn náà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni akáúǹtì tí wọ́n kọ́kọ́ rí ṣe ń jẹ́. Àwọn wọ̀nyí a máa wá oníṣòwò kékeré tàbí olórin tí wọ́n ti kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, wọn a sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láti gbé e jáde. Lẹ́yìn náà wọn a tún béèrè owó ààbò. Àkọsílẹ̀ irinṣẹ́ kò ṣàlàyé ju láti ìparí oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo akáúǹtì náà ń rìn bákan náà. Wikipídíà kì í gba akáúǹtì tuntun gbọ́ pátápátá títí yóò fi lo ọjọ́ mẹ́rin tí yóò sì ṣe àtúnṣe mẹ́wàá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a ṣe àtúnṣe wẹ́wẹ́ tí kò ní láárí títí yóò fi kọjá ààlà yìí, kí iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀. Apá kan ń kọ ojú-ìwé, apá kejì a wá sàmì sí i pé àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára. Àdírẹ́sì nìkan kì bá tí so 381 pọ̀. Bátànì ìṣe ni ó so wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi kíláàsì kan ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ kan kó akẹ́kọ̀ọ́ 20 jọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì láti kọ nípa ìlú wọn, gbogbo wọn sì ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ó wà nínú yàrá náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí akáúǹtì. Mẹ́fà wọlé, ti ẹ̀keje kọ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún, akáúǹtì mẹ́fà láti àdírẹ́sì kan lójúmọ́ ni ààlà, kí ẹ̀rọ má baà máa ṣí ọgọ́rùn-ún fún ẹlẹ́tàn kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá da ìwé oníwé kọ láìdúpẹ́, wọ́n sì dínà mọ́ ọn. Ìdènà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ran àdírẹ́sì tí ó lò gbẹ̀yìn fún wákàtí 24, gbogbo yàrá sì dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dábàá pé kí wọ́n pa ojú-ìwé olùkọ́ náà rẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ sì sáré wá gbè é lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó jọra. Ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà bẹ́ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn? Òfin tilẹ̀ gbà pé kí a ka àwọn tí a kó wá gbè ẹnì kan lẹ́yìn sí ohùn kan náà.

Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta yìí, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹ̀rọ, wọ́n sì ní àtúnṣe. Bí olùkọ́ bá kọ̀wé ṣáájú, tí ó sọ ọjọ́, iye akẹ́kọ̀ọ́ àti àdírẹ́sì, wọ́n lè gbé ààlà mẹ́fà náà sókè fún un. Ẹni tí ìdènà àjọpín bá mú yóò rí nọ́ńbà ìdènà lójú ẹ̀rọ, èyí ni yóò kọ sínú ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìdí gidi fún akáúǹtì méjì, bí olùkọ́ tí ó fẹ́ ya ti iṣẹ́ sọ́tọ̀, lè kọ ọ́ sí ojú-ìwé méjèèjì pé òun ni òun ni wọ́n. Orúkọ méjì kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, bí kò ṣe kí a fi wọ́n díbọ́n bí ènìyàn méjì. Ìṣẹ̀lẹ̀ kẹta kò ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, àfi kí olùkọ́ ti kìlọ̀.

Síbẹ̀, ẹrù náà kò wúwo bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 2022, àwọn olóòtú ní Áfíríkà, Nàìjíríà àti Gánà nínú wọn, fẹjọ́ sùn pé ìdènà tí wọ́n fi mú ẹlẹ́tàn ń bá àwọn tí kò mọ nǹkan kan ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù wọn. Ìdènà kan lè gba àdírẹ́sì 65,536 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ibi tí ènìyàn púpọ̀ ti ń pín ẹyọ kọ̀ọ̀kan, iye ènìyàn tí ó kan pọ̀ ju iye àdírẹ́sì náà lọ. Wikipídíà ní àṣẹ kan tí ó ń yọ olóòtú tí a mọ̀ kúrò nínú irú ìdènà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ní iṣẹ́ tí a lè tọ́ka sí ni wọ́n ń fún. Ẹni tuntun tí ọjọ́ kìíní rẹ̀ bọ́ sí abẹ́ ìdènà kò tíì ní iṣẹ́ kankan láti fi hàn.