Iye ọjà wo ni oníṣòwò gbọ́dọ̀ tà kí èrè tó bẹ̀rẹ̀?

Ọjà lè máa tà wàràwàrà, kí olówò má sì rí èrè kankan. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ nípa ìṣirò owó fún àwọn alákòóso iléeṣẹ́ fi ń kọ́ni bí a ṣe ń wá ojú ìdọ́gba. Ojú ìdọ́gba ni iye títà tí owó tó wọlé fi bá gbogbo ìnáwó dọ́gba: kò sí èrè, kò sí àdánù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Ká ní ilé búrẹ́dì kan ń ná ₦600,000 lóṣooṣù lórí owó ilé àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Bóyá búrẹ́dì pọ̀ ni o, bóyá kò pọ̀ ni o, iye yìí kì í yí padà. Ṣùgbọ́n fúláwà, ṣúgà, ìwúkàrà, gáàsì àti ọ̀rá ń gba ₦700 lórí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan, ₦1,000 sì ni wọ́n ń tà á.

Bí a bá yọ ₦700 kúrò nínú ₦1,000, àṣẹ́kù jẹ́ ₦300. Àṣẹ́kù yìí ni yóò kọ́kọ́ san ìnáwó tí kì í yí padà, kó tó di èrè. Nítorí náà:

600,000 ÷ (1,000 − 700) = 2,000

Búrẹ́dì 2,000 ni ojú ìdọ́gba.

Níbo ni àṣìṣe ti ń wọlé?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń fi iye owó títà pín ₦600,000, wọn a sì rí búrẹ́dì 600. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: búrẹ́dì 600 yóò mú ₦600,000 wọlé lóòótọ́, àmọ́ ohun èèlò rẹ̀ nìkan ti gba ₦420,000. Àdánù ₦420,000 nìyẹn.

Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Bí ilé búrẹ́dì náà bá ta 2,500, búrẹ́dì 500 tó lé yóò mú èrè ₦150,000 wá. 500 yìí kan náà ni àyè ààbò rẹ̀: títà lè dínkù tó bẹ́ẹ̀ kí àdánù tó dé.

Àmọ́ ká ní fúláwà gbówó lórí, tí ₦700 di ₦760. Àṣẹ́kù di ₦240, ojú ìdọ́gba sì gòkè dé 2,500. Oníbàárà kan kò dínkù, síbẹ̀ gbogbo èrè ti wọmi.

Ibo ni ìṣirò náà mọ?

Ìṣirò yìí kò dúró títí láé. Bí ààrò kò bá lè yan ju búrẹ́dì 3,000 lọ lóṣù, ààrò kejì yóò fi kún ìnáwó tí kì í yí padà, wọn yóò sì tún un ṣírò. Bákan náà, búrẹ́dì tí wọ́n tà ni wọ́n ń kà, kì í ṣe èyí tí wọ́n yan: èyí tó bá bu sórí àtẹ ti jẹ ₦700, kò sì mú kọ́bọ̀ wọlé.