Ìkòkò Tó Ń Jò: Ìtàn Àtúnrọ Nínú Ìrántí Kọ̀m̀pútà



Ọ̀kan nínú yín bi mí léèrè pé, "Pròfẹ́sọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ohun tí mo tẹ̀ sórí kọ̀m̀pútà máa ń pòórá bí iná bá lọ kí n tó tọ́jú rẹ̀?" Ohun tí gbogbo wa máa ń sọ ni pé ìrántí kọ̀m̀pútà kò lè ṣe é láìsí iná. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ kù síbẹ̀. Bí iná tilẹ̀ wà, ohun tí ẹ tẹ̀ yẹn ń jò lọ. Ohun tó mú kí ó ṣì wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà ń tún un kọ ṣáá kí ó tó parẹ́. Iṣẹ́ yìí ni mo ń pè ní àtúnrọ, bí ìgbà tí èèyàn ń tún omi rọ sínú ìkòkò tó ń jò.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Láàárín 1939 sí 1942, John Atanasoff àti Clifford Berry ṣe ẹ̀rọ ìṣirò kan ní Iowa, ní Amẹ́ríkà. Inú àwọn kapásítọ̀ tí wọ́n tò sínú ìlù tó ń yí ni wọ́n tọ́jú nọ́ńbà sí. Kapásítọ̀ ni ìkòkò tí mo ń wí: ó ń gba iná dúró, ṣùgbọ́n iná náà ń jò. Ìlù yẹn ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ó sì ti ń yí ni ẹ̀rọ ń ka ohun tó wà nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń rọ ọ́ kún padà. Orúkọ tí Atanasoff fún iṣẹ́ yìí túmọ̀ sí kí a ta ìrántí ẹni jí.

Ní 1966, Robert Dennard ti iléeṣẹ́ IBM ronú kan ọ̀nà láti fi tìránsísítọ̀ kan péré ṣọ́ kapásítọ̀ kékeré kan. Ìkòkò tó kún ni 1, èyí tó ṣófo ni 0. Èyí mú kí ìrántí pọ̀ kí ó sì dín lówó, àmọ́ ìkòkò náà kéré débi pé kò lè dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan mọ́. Nígbà tí Intel gbé 1103 jáde ní 1970, mìlísẹ́kọ́ńdì 2 ni wọ́n fún un, ìyẹn ìdá 2 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Láàárín ìgbà yẹn, a gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ìkòkò. Bí a bá pẹ́ jù, 1 á ti jò di 0, kò sì sí ẹni tó lè mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ta ni yóò máa wá ṣe iṣẹ́ yìí? Ẹ jẹ́ ká wo Z80, tí iléeṣẹ́ Zilog gbé jáde ní 1976. Ìrántí tí wọ́n sábà ń so mọ́ ọn nígbà náà ni 4116, tí ìkòkò inú rẹ̀ wà ní ìlà 128. Bí a bá ka ìlà kan, gbogbo ìkòkò inú ìlà náà ló ń kún padà lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ìlà 128 ni a ní láti kà láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì 2. Bí a bá pín in, ìlà kan bọ́ sí nǹkan bíi ìdá 15.6 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá.

Nínú Z80, àpótí kékeré kan wà tí ń jẹ́ `R`, tó ń ka ìlà tó kàn. Nígbàkígbà tí Z80 bá mú àṣẹ tuntun, àyè díẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀ bí ó ti ń ronú lórí àṣẹ náà. Àyè yẹn ló fi ń ṣe àtúnrọ ìlà kan. Bí aago rẹ̀ bá ń lù nígbà mílíọ̀nù 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá, àṣẹ tó gùn jù lọ kò gbà ju ìlù 23 lọ, ìyẹn kò sì tó ìdá 6 nínú mílíọ̀nù. Àkókò ṣẹ́ kù dáadáa. Èyí tó wù mí jù ni `HALT`, àṣẹ tó ní kí ó dúró. Z80 kì í dúró pátápátá o! Á máa ṣe `NOP`, àṣẹ tí kò ṣe nǹkan kan, kí àtúnrọ má bàa já.

Àmọ́ bí ẹ bá tẹ `RESET` mọ́lẹ̀ pẹ́, tàbí tí ẹ̀rọ mìíràn gba ọ̀nà ìrántí lọ́wọ́ Z80 fún ìgbà pípẹ́, àtúnrọ á dáwọ́ dúró, ohun tó wà nínú ìrántí á sì dàrú. Àrùn yìí máa ń fara pamọ́. Bí ẹ bá kọ nǹkan sínú ìrántí tí ẹ kà á lójú ẹsẹ̀, ó máa bá a mu. Ẹni tó fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kí ó fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kó tó wá padà kà á.

Gbèsè yìí kò tíì tán. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀m̀pútà òde òní, mìlísẹ́kọ́ńdì 64 ni àkókò tí wọ́n fún gbogbo ìlà, àmọ́ bí ìrántí bá gbóná kọjá 85°C, a dín in sí 32, nítorí ooru ń mú kí iná yára jò. Nítorí náà, ọmọ mi, kì í ṣe pé iná tó lọ ló nu iṣẹ́ rẹ nù. Ẹni tó ń rọ omi ló kúrò nídìí ìkòkò.