Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí: bí a ṣe ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ láì tú àṣírí aláìsàn

Láti Ìkòtún dé Ìgandó, "nọ́ọ̀sì" làwọn èèyàn ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́, títí kan ọmọ tó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Torí ẹ̀, tí mo bá fẹ́ kọ nípa nọ́ọ̀sì, ìwé àṣẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè. Àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ló ń fún wọn. Tẹ́ ẹ bá rí RN, nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ nìyẹn. RM ni ti agbẹ̀bí. Ẹni tó ní RN nìkan, mi ò lè kọ ọ́ pé agbẹ̀bí ni. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀ náà, torí ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún ìwé àṣẹ náà gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Ó ti gba ọ̀pọ̀ aboyún là" kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Èèyàn mélòó, nínú mélòó, báwo ni wọ́n sì ṣe wọ̀n ọ́n?

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ ṣàpẹẹrẹ. Tó bá ti tó 500 mílílítà, ó ti di ewu. Tí agbẹ̀bí bá kàn ń fojú wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sábà máa ń rò pé kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2023, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Gúúsù Áfíríkà, wọ́n fi ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n gba ẹ̀jẹ̀ náà. Tó bá ti pọ̀ jù, wọ́n á fọwọ́ ra ilé ọmọ, wọ́n á fún ìyá lóògùn, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á sì wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú 1,000 ìyá, nǹkan bí 16 ni ọ̀rọ̀ wọn le gan-an. Níbi tí wọn ò ti ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 43 ni. Ẹ rí i pé èsì dé, kò sí orúkọ ìyá kankan níbẹ̀.

Àmọ́ yíyọ orúkọ kúrò nìkan ò tó o. Ká ní mo kọ ọ́ pé: "Ìyá ìbejì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, tó bí lọ́jọ́ Kérésìmesì, ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á." Mi ò dárúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n. Ìbejì, Ẹ̀gbẹ́dá àti Kérésìmesì ló tú u fó. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa yọ ọjọ́, àdúgbò àti irú ọmọ kúrò, màá wá kọ àròpọ̀ ọdún kan. Tí àròpọ̀ náà bá jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì péré, mi ò ní kọ ọ́ rárá.

Abala 26 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn. Lára ohun tó lè ṣí i ni kí aláìsàn fọwọ́ sí ìwé, tàbí kí ilé ẹjọ́ pa á láṣẹ. Nọ́ọ̀sì ò lè bá a fọwọ́ sí i, bó ti wù kó ṣe é lóore tó. Tí nọ́ọ̀sì kan bá ń dárúkọ àwọn tó tọ́jú fún mi kí n lè kọ ọ́ dáadáa, ìyẹn gan-an ti sọ irú nọ́ọ̀sì tó jẹ́ fún mi.