Díẹ̀ Díẹ̀ ni Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Fi Ń Wọgbà: Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rìndínlógún fún Ìdajì Márátọ́ọ̀nù

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tó bá ti rí ẹlẹ́dẹ̀ nídìí ọgbà rí mọ̀ pé kì í fi orí sọ ọgbà náà. Imú ló máa kọ́kọ́ tì bọ ibi tí àyè bá wà, á tú ilẹ̀ díẹ̀, á fà sẹ́yìn, á tún padà wá. Kí olóko tó fura, ẹlẹ́dẹ̀ ti wà láàárín ebè. Àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún ẹni tí wọ́n ń fi ọgbọ́n gba ohun ìní rẹ̀. Ṣùgbọ́n fífà sẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ kí á wò dáadáa, nítorí òun gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò dá nígbà tí wọ́n bá ń múra fún ìdajì márátọ́ọ̀nù, eré kìlómítà 21 ó lé díẹ̀.

Gbogbo ẹ̀yà ara kọ́ ló ń kọ́ eré lójú kan náà. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń yára jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹni tó máa ń mí helehele lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún yóò rí i pé èémí òun ti ń tó òun. Egungun àti iṣan tó so ẹran mọ́ egungun kò yára bẹ́ẹ̀, oṣù mélòó kan ni wọ́n ń gbà. Tí egungun bá gbé ìnira tí kò gbé rí, ara á kọ́kọ́ yọ èyí tó ti gbó kúrò níbẹ̀ kó tó fi tuntun dí i. Yíyọ yìí kì í ju ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n dídí náà ń gba oṣù bíi mẹ́ta. Nítorí náà, àsìkò kan wà, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹjọ, tí egungun kò tíì le tó bó ṣe yẹ, tí èémí sì ń sọ fún ènìyàn pé kó máa lọ. Ibẹ̀ ni ojúgun ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dun ènìyàn. Ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún tó dára, egungun ló máa ń tẹ̀ lé, kì í tẹ̀ lé èémí.

Ká mú obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Erékùṣù Èkó, tó sì ń gbé ní Ìkòròdú. Ó lè rìn kánkán fún ogójì ìṣẹ́jú, kò sì ní àìsàn kankan tí dókítà ń tọ́jú. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde nílé nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, á sì dé Erékùṣù ní nǹkan bí aago mẹ́fà. Ọjọ́ Ajé àti Ẹtì ni èrò máa ń pọ̀ jù ní báǹkì, kò gbọ́dọ̀ fi eré sí ọjọ́ méjèèjì. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ló kù fún un láàárín ọ̀sẹ̀: ìṣẹ́jú márùndínlógójì nítòsí ibi iṣẹ́, kí ó tó wẹ̀ kí ó sì wọṣọ. Ìdájí Sátidé ni ti eré gígùn. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kó jẹ́ márùn-ún. Ẹni tó ń sun oorun wákàtí márùn-ún, tí ẹ bá fi eré ọjọ́ kan kún un, oorun ni yóò ti yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ inú oorun ni ara ti ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Ọ̀wàrà. Eré Sátidé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ni kìlómítà 5, 6, 7, kó wá fà sẹ́yìn sí 5. Á sáré ìṣẹ́jú méjì, á rin ìṣẹ́jú kan, títí yóò fi parí. Lẹ́yìn náà, 8, 9, 10, kó fà sẹ́yìn sí 7. Lẹ́yìn náà, 11, 13, 14, kó fà sẹ́yìn sí 10. Ọ̀sẹ̀ kejìlá yìí bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, nígbà tí òde àríyá àti àlejò pọ̀, ó sì dára pé ìsinmi bọ́ síbẹ̀. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, 16 àti 18, kó wá já wá sí 10 ní ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún, kí ìdíje sì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún. Ọ̀sẹ̀ tí a fà sẹ́yìn yẹn ni egungun ń rí àyè dí ohun tó yọ, ẹni tó bá sì fò ó nítorí pé ara rẹ̀ le ti sọ ìyókù ètò náà di ewu.

Báwo ni yóò ṣe yára tó? Kí ó lè ki oríkì ara rẹ̀ jáde láìdúró gba èémí láàárín ọ̀rọ̀. Tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti yá jù, ohun yòówù kí aago ọwọ́ rẹ̀ máa sọ. Nínú ooru Èkó, ọkàn ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe ń ṣe ní ọjọ́ tútù lọ fún eré kan náà, torí náà èémí ni kó fi ṣe òṣùwọ̀n. Láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó lè sọ eré Ọjọ́bọ̀ di líle díẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́jọ líle lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó máa rin ìṣẹ́jú méjì láàárín wọn. Èyí tó, kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan á béèrè ìdí tí kò fi ní sáré kìlómítà 21 kí ọjọ́ ìdíje tó dé. Tó bá ń fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ sáré kìlómítà kan, 18 yóò gbà á ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Ohun tí ara ń rí kọ́ lẹ́yìn ìyẹn kéré, àárẹ̀ tó ń mú wá sì pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, eré líle kankan kò lè fi agbára kún un mọ́, nítorí ara ń fẹ́ bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó jèrè ohun tí a kọ́ ọ.

Iṣẹ́ yóò ba ètò jẹ́, ìyẹn dájú. Tó bá pàdánù eré Ìṣẹ́gun, kí ó má fi kún ti Ọjọ́bọ̀. Tí odindi ọ̀sẹ̀ kan bá lọ, kí ó tún ọ̀sẹ̀ tó ṣe kẹ́yìn ṣe. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá lọ, kí ó padà sẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí ìdíje bá sì ti sún mọ́ jù, kí ó yan òmíràn.

Ìrora ojúgun nílò ìfura. Tó bá tàn káàkiri lójú ojúgun, tó sì ń rọlẹ̀ bí ara ṣe ń gbóná, kí ó dín eré kù sí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì yẹ bàtà rẹ̀ wò bóyá ó ti jẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, tí ọmọ ìka kan lè tẹ̀, tí ń dùn ún lóru tàbí nígbà tó bá fi ẹsẹ̀ kan fò, ó ṣeé ṣe kí egungun ti fẹ́ sán. Kí ó dáwọ́ eré dúró lọ́jọ́ náà, kó lọ rí dókítà. Kò sí ìdíje tó tó ká fi egungun bẹ́ẹ̀ sáré.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú oúnjẹ tí yóò jẹ lọ́jọ́ ìdíje: búrẹ́dì tàbí ẹ̀kọ wákàtí méjì ṣáájú, dàbínù méjì mẹ́ta lẹ́yìn wákàtí kan, omi díẹ̀ díẹ̀. Ohun tí ikùn kò tíì gbà rí lójú eré, kó má fi ọjọ́ ìdíje dán an wò.

Lọ́jọ́ ìdíje, èrò yóò fẹ́ gbé e lọ. Kí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ ààbọ̀ sáré kìlómítà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ó sì máa rin ìṣẹ́jú kan níbi omi kọ̀ọ̀kan, yálà ó ti rẹ̀ ẹ́ tàbí kò tíì rẹ̀ ẹ́. Tí kìlómítà 16 bá kọjá tí èémí ṣì wà, ìgbà yẹn ló lè yá sí i.