Láti Orí Koríko Tó Hu: Ìtàn Wafarín àti Àwọn Oògùn Tó Tẹ̀lé E

Ní oṣù Kejì ọdún 1933, lásìkò tí yìnyín ń bọ́ kíkankíkan, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ed Carlson gbé òkú abo màlúù rẹ̀ sínú ọkọ̀ ní Deer Park, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó gbé agolo wàrà tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀, ó kó koríko tó ti hu sí i, ó sì wakọ̀ lọ sí Madison. Ẹ̀jẹ̀ inú agolo náà kò dì. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí màlúù ti ń kú bẹ́ẹ̀ ní Kánádà àti ní àríwá Amẹ́ríkà. Wọ́n á gé ìwo ẹran tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn títí ẹran á fi kú. Frank Schofield, oníṣègùn ẹran, ti fi hàn ní 1922 pé koríko kúlófà tó hu nínú àká ló fà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú koríko náà.

Ọ̀dọ̀ Karl Paul Link ní Yunifásítì Wisconsin ni Carlson já sí. Ó gba ọdún mẹ́fà kí àwọn tó ń bá Link ṣiṣẹ́ tó yọ èròjà náà jáde ní 1939, wọ́n sì pè é ní dikúmárólù. Nígbà tó yá, Link wá èyí tó lágbára jù ú lọ fún pípa eku, ìyẹn ni wafarín, tó dé ọjà ní 1948. Ní 1951, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan gbé májèlé eku yìí jẹ láti pa ara rẹ̀. Wọ́n fún un ní fítámì K nílé ìwòsàn, ó sì yè. Àwọn oníṣègùn rí i pé ohun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kọ́ láti dì yìí ní aporó. Ní 1954, wọ́n fọwọ́ sí i fún ènìyàn, nígbà tí ọkàn Ààrẹ Eisenhower sì kọṣẹ́ ní 1955, òun náà lò ó.

Ẹ̀dọ̀ ló ń fi fítámì K ṣe mẹ́rin nínú àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Wafarín kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ lè tún fítámì náà lò. Àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì tó ti wà nínú ara tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tán, ìdí nìyẹn tí agbára oògùn náà kì í fi í dé ojú ẹ̀ kí ó tó tó nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Àwọn tó ń lò ó ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, tí ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ọkàn kó sì fò lọ sí ọpọlọ, kó fa àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì sí nínú iṣan ẹsẹ̀. Àti ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀kùn onírin sí lọ́kàn. Ìwádìí tó jáde ní nǹkan bí 1990 fi hàn pé wafarín ń dín rọpárọsẹ̀ kù ní ìdá méjì nínú mẹ́ta fún àwọn tí ọkàn wọn ń lù ségesège.

Ìwọ̀n rẹ̀ ló ṣòro. Iye tó tó ẹnìkan lè pa ẹlòmíràn lára, nítorí náà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Tẹ́lẹ̀, èsì ilé àyẹ̀wò kan kì í bá ti òmíràn mu. Ní 1983, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba ìwọ̀n kan wọlé tí wọ́n ń pè ní INR. Ẹni tí kò lo oògùn yóò wà ní bíi 1. Ibi tí wọ́n ń fẹ́ kí ọ̀pọ̀ aláìsàn wà ni 2 sí 3. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì. Bó bá kọjá 4, ewu ẹ̀jẹ̀ yíya ń ga sí i.

Ká gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí Ìdànrè. Ká ní ìyá àgbẹ̀ kòkó kan ní Ọdọdẹ ń lo wafarín nítorí ọkàn tó ń lù ségesège, tó sì jẹ́ pé Àkúrẹ́ ló ti ń ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀; bí ara bá gbà á, á di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ní àsìkò kòkó, ó rọrùn kí ó fo ọjọ́ àyẹ̀wò. INR rẹ̀ jẹ́ 2.5. Inú ń run ún, ó ra Fílájìlì ní kẹ́míìsì. Oògùn náà ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti fọ́ wafarín, nítorí náà wafarín ń pọ̀ sí i nínú ara láìjẹ́ pé ìyá náà fi kún iye tó ń lò. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹran ìdí eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ bó bá fọ ẹnu, ara rẹ̀ sì ń ní àpá dúdú. INR ti di 7. Sẹ́pítírìnì àti oògùn olú ara tí ń jẹ́ fulukonasólù lè ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, rifampisínì, a máa ṣe òdì kejì: á fọ́ wafarín dànù. Ní ti ẹ̀fọ́ ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀, tí fítámì K pọ̀ nínú wọn, kò sí ìdí láti pa wọ́n tì. Ohun tó yẹ ni kí ìwọ̀n tó ń jẹ má yí padà lójijì.

Dókítà á dá wafarín dúró, á fún un ní fítámì K díẹ̀, á sì tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé orí ń fọ́ ọ tó sì ń bì, tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, eré sísá ni. Wọ́n á fún un ní fítámì K míligíráàmù 5 sí 10 sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ń gba wákàtí púpọ̀ kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà wọ́n á fi àkójọ èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kún un, tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Níbi tí kò bá sí èyí, plásímà ni wọ́n á lò, nǹkan bí mílílítà 15 fún kílò kan. Fún ìyá oníkílò 60, mílílítà 900 nìyẹn, ẹrù wíwúwo sì ni fún ọkàn tó ti rẹ̀.

Inú wàhálà yìí ni àwọn oògùn tuntun ti jáde. Wọn kò dúró de fítámì K mọ́. Èròjà kan ṣoṣo tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbá mú. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí dabigátránì ní 2010, ribarọsábánì ní 2011 fún ọkàn tó ń lù ségesège, apisábánì ní 2012, edọsábánì sì ní 2015. Wọn kò nílò INR, iye kan náà ni aláìsàn ń lò lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ yíya nínú ọpọlọ sì fi nǹkan bí ìdajì kéré sí ti wafarín. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi wọ́n sínú àkójọ oògùn pàtàkì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àìsí INR kì í ṣe àìsí ìṣọ́. Kíndìnrín ń kó lára wọn jáde, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lọ́dọọdún, ó kéré tán. Oúnjẹ ni a ń fi ribarọsábánì oní-20 míligíráàmù lò, kí ara tó lè gbà á dáadáa. Rifampisínì àti oògùn wárápá bíi karibamasepínì ń bà wọ́n jẹ́ bákan náà, nígbà tí Bùrúfẹ́nì ń fi ewu ẹ̀jẹ̀ yíya kún ti oògùn tuntun àti ti wafarín. Wọn kì í pẹ́ nínú ara: bí owó bá tán tí aláìsàn sì fi ọjọ́ méjì sílẹ̀, ààbò ti lọ.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ya, fítámì K kò ràn wọ́n. Ti dabigátránì ní aporó tirẹ̀, idarusisumábù, gíráàmù 5, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015. Fún ribarọsábánì àti apisábánì, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí andesánẹ́ẹ̀tì ní 2018. Olówó iyebíye ni méjèèjì. Níbi tí wọn kò sí, ìbéèrè àkọ́kọ́ dókítà ni aago tí aláìsàn lo oògùn kẹ́yìn. Bí kò bá tíì ju wákàtí méjì lọ, èédú ìṣègùn lè mú un. Lẹ́yìn ìyẹn, àkójọ èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ni. INR tó dára kò sì fi hàn pé oògùn ti tán lára. Nítorí náà, kí ẹni tó gbé aláìsàn wá mú páálí oògùn lọ́wọ́, kó sì mọ aago.

Ibì kan wà tí wafarín kò tíì fi ipò sílẹ̀. Ní 2012, wọ́n dá ìwádìí tó dán dabigátránì wò lára àwọn tó ní ilẹ̀kùn onírin lọ́kàn dúró, torí rọpárọsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ yíya pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lò ó. Ní 2022, ìwádìí INVICTUS, tó kó àwọn aláìsàn jọ ní orílẹ̀-èdè 24 ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà, rí i pé ikú kéré láàárín àwọn tó ń lo wafarín ju àwọn tó ń lo ribarọsábánì lọ, nínú àwọn tí ibà làkúrègbé ti ba ilẹ̀kùn ọkàn wọn jẹ́. Àrùn yẹn, tó máa ń ti ọ̀fun dídùn ọmọdé bẹ̀rẹ̀, pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Fún aláìsàn ní Ìdànrè, ìbéèrè tó ṣáájú ni ohun tó ṣe ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti irin tàbí ti làkúrègbé tó ti há, wafarín ni, kí ìdílé sì wá owó ọkọ̀ Àkúrẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tí kíndìnrín ń ṣiṣẹ́, tí kò sí rifampisínì, tó sì dájú pé owó oògùn oṣù tó ń bọ̀ á wà, oògùn tuntun ló yẹ ẹ́ jù. Bí owó yẹn kò bá dájú, wafarín tó ń lò déédéé, tó sì ń yẹ̀ wò, dáàbò bò ó ju oògùn tuntun tó ń já kù ní ọjọ́ méjì-méjì lọ.