Taifọ́ọ̀dù: tí ibà ò bá tíì lọ lẹ́yìn oògùn ńkọ́?

Ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí ampisílìn àti sẹ́pítírìn kì í sábà ṣẹ́gun taifọ́ọ̀dù mọ́. Kòkòrò rẹ̀ ti mọ bó ṣe ń borí wọn, sípíró náà ti ń kùnà. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń lo asitiromáísìn tàbí abẹ́rẹ́ sẹfitiriásóònù.

Ibà lè gba ọjọ́ 4 sí 7 kó tó rọlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, tí ara ṣì gbóná ní Wẹ́sìdeè, ẹ má dá pààrọ̀ oògùn. Tó bá di Mọ́ńdè kejì, ẹ padà lọ. Ó lè jẹ́ ibà mìíràn. Kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí wọ́n mọ oògùn tó ń pa kòkòrò náà.

Inú rírun gan-an tàbí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀? Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.